Ìwé Àwìn Lórí Fóònù: Ohun Tó Yẹ Kí Áàpù Kọ́ Lára Ìwé Oníṣòwò

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin èèyàn mi. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí irú áàpù tá a lè ṣe fún àwọn oníṣòwò kéékèèké tó jẹ́ pé inú ìwé ni wọ́n ṣì ń kọ ìṣirò wọn sí. Àbá pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹlòmíì á ní ká ṣe èyí tó ń ka iye ọjà tó kù nílẹ̀, ẹlòmíì á ní ká ṣe èyí tó ń ṣírò èrè nírọ̀lẹ́. Gbogbo rẹ̀ ló dáa, àmọ́ ẹyọ kan ni mo fẹ́ dì mú lónìí, ìyẹn ìwé àwìn: ta ló jẹ mí, èló ló jẹ mí, èló ló ti san níbẹ̀.

Ìdí tí mo fi mú un nìyí. Bí èèyàn bá rajà tó sì sanwó lójú ẹsẹ̀, owó ti wà lápò oníṣòwò. Bí kò bá tiẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀, owó ò sá lọ. Ṣùgbọ́n tó bá tajà láwìn, ọjà ti lọ, owó ò tíì dé, ohun kan ṣoṣo tó dúró fún owó yẹn ni ìlà tó kọ sínú ìwé. Bí ìlà náà bá sọ nù, owó ti bá a lọ. Ìyẹn ni ẹ ṣe máa ń rí oníṣòwò tí kì í kọ nǹkan míì sílẹ̀ láyé rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ìwé àwìn rẹ̀ kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Níbi tí ìwé ti wúlò jù fún un, ibẹ̀ náà ló yẹ kí áàpù ti kọ́kọ́ wúlò.

Kí n tó kọ kóòdù kankan, mo lọ jókòó ti obìnrin kan tó ń ta ọṣẹ àti ohun èlò ilé. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ìwé rẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ó fi rọ́bà dì í, ó fi òwú so bírò mọ́ ọn. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ewé tirẹ̀, orúkọ tó sì wà lókè ojú ewé kì í ṣe èyí tí wọ́n sọ onítọ̀hún nígbà tí wọ́n bí i: "Aláwọ̀ pupa", "Ẹ̀gbọ́n oníkẹ̀kẹ́", "Ìyá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì". Bí ẹnì kan bá mú ọjà, ó kọ iye rẹ̀. Bó bá san díẹ̀, ó fa ìlà sórí iye àtijọ́, ó kọ èyí tó kù sábẹ́ rẹ̀. Mo fi aago wò ó. Láti ìgbà tó bá ti fọwọ́ kan rọ́bà títí tó fi dì í padà, kì í ju ìṣẹ́jú àáyá 10 lọ.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ lójú mi níbẹ̀ tí mi ò kà sí nígbà náà. Oníbàárà kan wá bá a, ohùn rẹ̀ ti ń ga, ó ní òun ti san 4,000 lọ́sẹ̀ tó kọjá tí wọn ò sì yọ ọ́. Ìyá ọlọ́ṣẹ ò bá a jà. Ó ṣí ojú ewé rẹ̀, ó fi ìka tọ àwọn iye tó ti fa ìlà lé lórí, látòkè wá sísàlẹ̀, àwọn méjèèjì jọ ń kà á. Wọ́n rí 4,000 náà níbi tí wọ́n ti yọ ọ́. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìlà tó fà sórí iye kan kò pa iye náà rẹ́, ó ṣì ṣeé kà lábẹ́ rẹ̀. Ìwé yẹn ò gbàgbé nǹkan kan rí.

Mo wá lọ kọ áàpù kan tó ń gbàgbé. Nínú rẹ̀, mo fún oníbàárà kọ̀ọ̀kan ní àyè kan tó gba nọ́ńbà kan ṣoṣo, ìyẹn gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀. Tó bá mú ọjà, nọ́ńbà náà á lọ sókè. Tó bá sanwó, á wálẹ̀. Ó mọ́ lójú, ó sì yá. Ìyá ọlọ́ṣẹ ní ọmọ iṣẹ́ kan tó ń dúró ní ìsọ̀ kejì, torí náà a fi áàpù sórí fóònù àwọn méjèèjì, kí fóònù kọ̀ọ̀kan lè máa fi ohun tí wọ́n kọ sórí rẹ̀ ránṣẹ́ sí èkejì nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wà.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé oníbàárà kan fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Mi ò ní sọ irú owó tó jẹ́, ẹ fi tiyín sí i. Ó jẹ 12,000 bílẹ̀ ṣe mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn dátà ò ṣiṣẹ́ rárá. Ó dé ọ̀dọ̀ ìyá ọlọ́ṣẹ, ó san 5,000. Fóònù ìyá yọ 5,000 kúrò nínú 12,000, ó kọ 7,000. Lọ́sàn-án ó yà lọ́dọ̀ ọmọ iṣẹ́, ó mú ọjà 3,000 láwìn. Fóònù ọmọ iṣẹ́ ò tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni san nǹkan kan, torí náà ó fi 3,000 kún 12,000, ó kọ 15,000. Nírọ̀lẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé. Fóònù kan ń wí pé 7,000, èkejì ń wí pé 15,000. Áàpù mi wo èyí tí wọ́n kọ gbẹ̀yìn, ó mú 15,000, ó sì fi bo 7,000 mọ́lẹ̀.

Ká jọ ṣírò rẹ̀. 12,000, ẹ yọ 5,000, ó ku 7,000. Ẹ fi 3,000 kún un, ó di 10,000. Òun ni gbèsè ọkùnrin náà. Áàpù ní ó jẹ 15,000. Ó sanwó, wọ́n sì ní kò san.

Ẹnì kan lè ní kí á mú èyí tí wọ́n kọ ṣáájú dípò èyí tó gbẹ̀yìn. Nígbà náà 7,000 ni yóò dúró, ọlọ́jà ni yóò sì pàdánù ọjà 3,000. Bó o bá mú èyí tó pọ̀ jù, o ti rẹ́ oníbàárà jẹ. Bó o bá mú èyí tó kéré jù, o ti rẹ́ ọlọ́jà jẹ. Kò sí ọgbọ́n tá a lè fi yan láàárín nọ́ńbà méjì tó jẹ́ pé kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú wọn. Ohun tó sì bà mí lẹ́rù ni pé áàpù náà ò kú, kò sí ìkìlọ̀ kankan lójú fóònù, kò sí nǹkan kan tó máa sọ fún ẹni tó ń lò ó pé nǹkan ti bàjẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá ká tó mọ̀, ìdí tá a sì fi mọ̀ ni pé ìyá ò tíì fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Ó pè mí, ó ṣí ojú ewé náà sí mi níwájú, ó ní, "Ọmọ mi, fóònù rẹ ń purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn lọ sílé. Ibi tí mo bá a dé ni ohun tí mo wá sọ fún yín lónìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ irú áàpù yìí tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ kọ ọ́. Ẹ má ṣe kọ gbèsè tó kù sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ.

Ẹ padà sí ọjọ́ yẹn. Ká ní ohun tí fóònù ìyá kọ ni "ó san 5,000", kí ti ọmọ iṣẹ́ sì jẹ́ "ó mú ọjà 3,000". Nígbà tí fóònù méjèèjì bá pàdé nírọ̀lẹ́, kò sí ìjà rárá. Ìlà méjì ni, méjèèjì jẹ́ òótọ́, méjèèjì á sì dúró. Fóònù kọ̀ọ̀kan á gba ìlà tí kò ní lọ́wọ́ èkejì. Gbèsè tó kù kò sí níbì kankan nínú àkọsílẹ̀. Ìgbà tí ẹnì kan bá bèèrè rẹ̀ la máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ro gbogbo ìlà oníbàárà náà pọ̀. Bí ìlà ọ̀sán bá sì dé ṣáájú ìlà àárọ̀, kò ba nǹkan kan jẹ́, torí pé èyí tó wù kéèyàn kọ́kọ́ rò nínú ìṣirò, àpapọ̀ kan náà ló máa bá bọ̀.

Àwọn oníṣòwò àtijọ́ ti mọ ọ̀nà yìí. Nígbà tí Luca Pacioli tẹ ìwé ìṣirò rẹ̀ jáde ní ìlú Venice lọ́dún 1494, ó ṣàlàyé pé ìwé mẹ́ta ni oníṣòwò ibẹ̀ ń lò. Inú èyí àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń kọ ohun gbogbo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀, ẹni yòówù tó bá wà nídìí ọjà ló sì lè kọ ọ́, títí kan ọmọ iṣẹ́. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó ń kó o lọ sínú ìwé kejì àti ìkẹta níbi tí wọ́n ti ń rí ẹni tó jẹ wọ́n àti iye tó jẹ. Ọ̀rọ̀ ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ̀wé ti wà nílẹ̀ láti ayé wọn.

Lórí fóònù Android, SQLite, ìyẹn ètò tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ti wà nínú rẹ̀ látilẹ̀wá, ó sì tó fún iṣẹ́ yìí. Gbogbo ìwé àwìn náà kò ju báyìí lọ:

```sql
CREATE TABLE iwe (
  id      TEXT PRIMARY KEY,
  onibara TEXT NOT NULL,
  iye     INTEGER NOT NULL,
  igba    TEXT NOT NULL,
  foonu   TEXT NOT NULL
);
```

Àwìn ni `iye` tó bá wà lókè òdo, owó tí wọ́n san ni èyí tó bá wà nísàlẹ̀ òdo. Mo lo `INTEGER` torí pé bí kọ̀ǹpútà bá fi nọ́ńbà onídẹ́símà ro owó, ìdá tín-tìn-tín máa ń já bọ́ tàbí kó lé sí i. Ẹ fi owó tó kéré jù lọ níbi tẹ́ ẹ wà ka iye náà, kó lè máa jẹ́ odidi. `foonu` ń sọ ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́, bí ìgbà tí ìyá ọlọ́ṣẹ bá wo ìlà kan nínú ìwé tó sọ pé, "Èyí kì í ṣe ọwọ́ mi." Gbèsè tó kù sì jẹ́:

```sql
SELECT SUM(iye) FROM iwe WHERE onibara = ?;
```

Àṣẹ kan tẹ̀ lé e tí kò gbọdọ̀ yẹ̀: kò sí `UPDATE`, kò sí `DELETE` lórí ìwé yìí. Àwọn kan máa ń bi mí pé ṣé kò ní wá wúwo jù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọlọ́jà kan kọ ìlà 60 lójúmọ́, kó sì ṣiṣẹ́ fún 300 ọjọ́ lọ́dún. Ìlà 18,000 nìyẹn. Fóònù olówó pọ́ọ́kú máa ro ti oníbàárà kan nínú rẹ̀ kí ìka tó kúrò lójú rẹ̀.

Ohun tó gba àfiyèsí ju bẹ́ẹ̀ lọ ni `id`. Ẹ fọkàn bá mi wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá dúró sójú kan. Fóònù fi ìlà "ó san 5,000" ránṣẹ́ sí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba ìlà lọ́wọ́ fóònù kan tó sì ń gbé e fún èkejì. Sáfà gbà á, ó kọ ọ́. Kó tó dá fóònù lóhùn pé òun ti gbà á, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Fóònù ò gbọ́ èsì, ó rò pé iṣẹ́ náà ò dé, ó bá tún un rán. Bí sáfà bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, 5,000 ti di 10,000, àfi bíi pé oníbàárà náà ti bọ́ lọ́wọ́ gbèsè láìsanwó tán. Nítorí náà, fóònù fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ kó tó rán an, irú èyí tí wọ́n ń pè ní `UUID`, tó gùn débi pé fóònù méjì ò lè ṣèèṣì mú ọ̀kan náà. Sáfà á wá máa lo `INSERT OR IGNORE`: bí nọ́ńbà náà bá ti wà lọ́dọ̀ rẹ̀, á dáhùn pé òun ti gbà á, kò sì ní kọ nǹkan kan kún un.

Ibì kan wà tí èmi náà ti ṣì í lẹ́yìn tí mo ti mọ èyí. Mo jẹ́ kí `id` di ṣíṣe nígbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì ìkọsílẹ̀. Fóònù tó ti gbó máa ń lọ́ra, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan tí kò rí ìyípadà á tún un tẹ̀, ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì bí `id` tirẹ̀. Ìlà méjì jáde fún owó kan. Ìgbà tí ojú ìwé ìkọsílẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ló yẹ kí `id` ti wà, kó jẹ́ pé bó tẹ bọ́tìnì lẹ́ẹ̀mẹwàá, ìlà kan náà ni. Ẹ má sì ṣe kọ kóòdù tó ń wá ìlà méjì tó jọra láti pa ọ̀kan rẹ́ o. Oníbàárà lè mú ọṣẹ kan, kó rìn dé iwájú, kó padà wá mú ọ̀kan sí i ní iye kan náà. Ìlà méjì yẹn jọra, àmọ́ ọjà méjì ni.

Kí la wá fẹ́ ṣe sí àṣìṣe, nígbà tá a ti ní a ò ní pa nǹkan kan rẹ́? Ọmọ iṣẹ́ fẹ́ kọ 3,000, ó kọ 30,000. Ohun tí ìwé ń ṣe náà la ó ṣe: a ó fa ìlà sí i. Áàpù á kọ ìlà tuntun tó jẹ́ 30,000 nísàlẹ̀ òdo, èyí tó ń fagi lé ti àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni á kọ 3,000 gan-an. Lójú fóònù, ẹ fa ìlà sórí 30,000 náà kí ó ṣì ṣeé kà, kí ẹ sì kọ àsìkò tí wọ́n fagi lé e àti fóònù tó ṣe é sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àmọ́ bí ìyá àti ọmọ iṣẹ́ bá rí àṣìṣe kan náà lásìkò tí dátà ò sí ńkọ́? Olúkúlùkù á fagi lé e lórí fóònù tirẹ̀. Nígbà tí fóònù bá pàdé, a ti yọ 30,000 lẹ́ẹ̀mejì, ọlọ́jà ló wá ń jẹ oníbàárà lówó. Ojútùú rẹ̀ ò le: ẹ má ṣe fún ìlà ìfagilé ní `id` tuntun. Ẹ mú `id` ìlà tó fẹ́ fagi lé, kẹ́ ẹ fi `F-` síwájú rẹ̀. Bákan náà ni kẹ́ ẹ ṣe sí ìlà 3,000 tó rọ́pò rẹ̀, àmọ́ `T-` ni kẹ́ ẹ fi síwájú tirẹ̀, kí òun náà má bàa wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni yòówù tó fagi lé e, `id` kan náà ló máa jáde, `INSERT OR IGNORE` á sì gba ẹyọ kan péré nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí oníbàárà tí gbèsè rẹ̀ bọ́ sísàlẹ̀ òdo láìjẹ́ pé ó san àsansílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ibi ìfagilé wò.

Ọ̀rọ̀ aago náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Fóònù tí bátìrì rẹ̀ kú pátápátá lè jí sí ọdún mìíràn. Ìṣirò gbèsè ò ní bàjẹ́ torí ìyẹn, bí ìlà ṣe tò tẹ̀ léra wọn lójú fóònù nìkan ló máa dàrú. Bí ọjọ́ tó wà lórí ìlà tuntun bá ṣáájú ti ìlà tí fóònù kan náà kọ kẹ́yìn, kí áàpù ní kí onífóònù wo aago rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìṣẹ́jú àáyá 10 yẹn, torí ohun tó ń pa ọ̀pọ̀ áàpù nìyẹn kí ẹnikẹ́ni tó dé ibi ìṣirò rẹ̀. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, èèyàn mẹ́rin lè dúró níwájú ìyá ọlọ́ṣẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí áàpù bá kọ́kọ́ bi í ní ọ̀rọ̀ ìwọlé, kó tún ní kó yan irú ọjà, kó wá ní kó dúró kí nǹkan kan máa yí po lójú fóònù, ìwé ló máa fà yọ. Ohun tá a ṣe lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni pé bí áàpù bá ṣí, ojú ibi tí wọ́n ti ń tẹ iye ló máa bá jáde, pẹ̀lú nọ́ńbà ńláńlá. Ó tẹ iye, ó tẹ oníbàárà, ó tẹ "Àwìn" tàbí "Ó san". Ó tán. Lórí fóònù ni ìlà náà kọ́kọ́ ń wọ̀, kò dúró de nẹ́tíwọ́ọ̀kì rárá. Àwọn oníbàárà tó wá láìpẹ́ ló wà lókè, orúkọ tó bá wù ú ló sì lè fi pè wọ́n. Ẹni tí kì í kàwé lè ya àwòrán oníbàárà tàbí àwòrán ohun kan tó máa fi dá a mọ̀. Orúkọ ọjà ò pọn dandan. A fi àyè sílẹ̀ fún un, ìyá ò sì kọ nǹkan kan síbẹ̀ rí, torí kò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ náà.

Wàyí o, ohun kan wà tí fóònù lè ṣe tí ìwé ò lè ṣe: ó lè sọ fún oníbàárà lójú ẹsẹ̀ ohun tí wọ́n kọ sí i lọ́rùn. Àtẹ̀jíṣẹ́ lásán ni, kò nílò dátà, fóònù olóbọ̀tìnì gbà á. Ìjà àwìn kì í sábà jẹ́ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí, orí ohun tó ṣẹlẹ̀ lóṣù tó kọjá ló máa ń jẹ́, nígbà tí olúkúlùkù ti ń rántí tirẹ̀. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá dé kí oníbàárà tó kúrò níwájú ìsọ̀, àṣìṣe ò ní sùn mọ́jú. Bí ọmọ iṣẹ́ bá gba 5,000 tó kọ 2,000, ẹni tó sanwó ló máa kọ́kọ́ rí i.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ohun tẹ́ ẹ máa kọ sínú rẹ̀. Ẹ rántí ọkùnrin wa tó san 5,000 láàárọ̀. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá sọ fún un pé gbèsè rẹ̀ ku 7,000, òótọ́ ni láàárọ̀. Tó bá wá mú ọjà lọ́sàn-án, tí fóònù ọmọ iṣẹ́ tí kò tíì gbọ́ nǹkan kan sì kọ ọ́ sí i pé ó di 15,000, ìwọ ti fi ọwọ́ ara rẹ dá ìjà sílẹ̀. Nítorí náà ohun tó ṣẹlẹ̀ ni kí àtẹ̀jíṣẹ́ sọ: "O san 5,000 lónìí." Gbèsè tó kù, kó máa sọ ọ́ nígbà tí fóònù bá ti gbọ́ ti èkejì rẹ̀ nìkan.

Ọ̀rọ̀ àmì orí àti ìsàlẹ̀ kàn wá gan-an níbí, àwa tá à ń kọ Yorùbá. Àtẹ̀jíṣẹ́ kan ń gba lẹ́tà 160 bó bá jẹ́ pé kìkì lẹ́tà tó wà nínú àtò GSM ló wà nínú rẹ̀. Ní lẹ́tà kékeré, à, è, ì, ò àti ù wà níbẹ̀, é náà wà. Ṣùgbọ́n á, í, ó àti ú ò sí, bẹ́ẹ̀ ni ẹ, ọ àti ṣ ò sí. Bí ẹyọ kan péré nínú wọn bá wọ inú àtẹ̀jíṣẹ́, gbogbo rẹ̀ á yí sí àtò mìíràn tó ń gba 70 péré. Bó bá kọjá 70, méjì ni wọ́n máa kà á sí, ọlọ́jà ló sì ń san owó méjèèjì. Èmi ò fọwọ́ sí i pé ká bọ́ àmì kúrò lára èdè wa torí ìyẹn. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gé ọ̀rọ̀ náà kúrú títí ó fi wọ inú 70 pẹ̀lú àmì rẹ̀, mo sì jẹ́ kí áàpù máa ka lẹ́tà náà, kí orúkọ ìsọ̀ tó gùn má bàa tì í kọjá ààlà.

Bí ìyá ọlọ́ṣẹ ṣe kúrò nínú ìwé bọ́ sórí fóònù náà yẹ ní sísọ. Lákọ̀ọ́kọ́ mo ní kó jókòó kó da gbogbo ìwé náà kọ sínú áàpù. Ojú ewé tó lé ní 80 ni. Ó ṣe mẹ́fà, ó pa á tì. Mi ò bá a wí, torí iṣẹ́ tí mo gbé fún un kò mú owó kankan wọlé. Ìgbà tá a yí i padà ló tó bọ́ sí i. A ò da nǹkan kan kọ mọ́. Bí oníbàárà kan bá dé, ìyá á ṣí ojú ewé rẹ̀, á fi fóònù ya àwòrán rẹ̀, á kọ iye tó kù sísàlẹ̀ ojú ewé sínú áàpù bí ìlà àkọ́kọ́, níṣojú oníbàárà, á sì fa ìlà gbọọrọ sábẹ́ ojú ewé náà nínú ìwé. Láti ibẹ̀ lọ, fóònù ló ń gba ti ẹni yẹn. Àwọn tó ń wá déédéé ló kọ́kọ́ kọjá. Àwọn tí wọn ò yọjú mọ́ kù sínú ìwé, ibẹ̀ náà ló sì yẹ wọ́n, torí pé ojú ewé wọn kò ní ohun tuntun tí wọ́n máa kọ sí i.

Ó ku ọ̀rọ̀ fóònù tó sọ nù. Àwọn tó ń kọ áàpù máa ń gbójú lé ẹ̀dà tí Android fúnra rẹ̀ ń ṣe pa mọ́. Ẹ wo àdéhùn rẹ̀ dáadáa: bí wọ́n ṣe tò ó látilẹ̀wá, ó ń dúró de ìgbà tí fóònù bá wà lórí Wi-Fi tí ẹnikẹ́ni ò sì lò ó, bẹ́ẹ̀ ni wákàtí 24 gbọ́dọ̀ ti kọjá lẹ́yìn èyí tó ṣe kẹ́yìn. Fóònù ìyá ọlọ́ṣẹ ò rí Wi-Fi rí láyé rẹ̀. Ẹ rán ìlà fúnra yín, lórí dátà lásán, ní gbogbo ìgbà tó bá ṣí sílẹ̀. Ìlà kan ò ju bíi báìtì 200 lọ, torí náà ìlà 60 tó kọ lójúmọ́ jẹ́ kílóbáìtì 12, kò tó àwòrán kékeré kan. Kẹ́ ẹ sì kọ iye ìlà tí kò tíì kúrò lórí fóònù sókè ojú rẹ̀, ní lẹ́tà tó hàn: "Ìlà 14 ò tíì lọ." Ọlọ́jà tó rí i pé 14 yẹn ti di 300 á mọ̀ pé bí fóònù bá bọ́ somi lónìí, ìlà 300 ló bá a lọ.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ibí níbòmíì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ìgbà wo lẹ máa wá ní kí wọ́n da ìwé náà nù?" Mo sọ fún un pé èmi kọ́ ni máa sọ ọ́. Alaalẹ́ ni ìyá ọlọ́ṣẹ ń mú oníbàárà márùn-ún tó rajà lọ́jọ́ náà, tó ń sọ gbèsè wọn lórí kó tó wo fóònù. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀, á ṣí gbogbo ìlà rẹ̀, á kà á látòkè, á wá èyí tí kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ìgbà mélòó kan, orí rẹ̀ ló tọ̀nà, a sì rí àṣìṣe nínú kóòdù mi. Nígbà tó yá, ó jẹ́ pé ìlà tí ọmọ iṣẹ́ kọ tó gbàgbé láti sọ fún un ló ń rí. Kò da ìwé náà nù títí di òní. Ó tún rọ́bà rẹ̀ dì, ó wà nínú àpótí tó ń jókòó lé, fún àwọn tó kù sínú rẹ̀.